Ẹ̀sùn lórí owó ìtọ́jú tí ẹ ń yọ léraléra nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ mi

6 oṣù Kẹwàá, 2025

Sí Mánéjà ẹ̀ka,
àti sí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀sùn oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín o. Èmi ni mo ni àkáǹtì ìfowópamọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4471, èyí tí mo ṣí lọ́dọ̀ yín ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ẹ ti ń yọ owó ìtọ́jú àkáǹtì nínú rẹ̀. Owó yẹn kò tọ́ sí báńkì. Ìwé àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí kò fàyè gbà á, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà náà kò sì fàyè gbà á. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ dá ₦3,386.25 padà fún mi pẹ̀lú èlé tó yẹ kó ti mú wá, kí ẹ sì dá yíyọ rẹ̀ dúró pátápátá.

Bí ẹ bá wo sítétímẹ́ńtì mi, `ACCT MAINT FEE` ni wọ́n kọ síwájú owó náà. ₦350 ni, wọ́n wá fi owó orí ọjà, ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, lé e lórí, èyí tó jẹ́ ₦26.25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦376.25 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, 28 oṣù Kejì, 31 oṣù Kẹta, 30 oṣù Kẹrin, àti 30 oṣù Karùn-ún. Ní oṣù Kẹfà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ yọ ọ́: ní ọjọ́ kẹrin, àti ní ọjọ́ 30. Ẹ tún yọ ọ́ ní 31 oṣù Keje, 29 oṣù Kẹjọ àti 30 oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ dá ọ̀kan ṣoṣo padà nínú wọn, ó wá ku mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án lọ́nà ₦376.25 ló jẹ́ ₦3,386.25.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò bá yín jà lé lórí. Ẹ máa ń yọ owó ìtọ́jú káàdì, ₦50 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti owó orí rẹ̀. Ẹ ń yọ owó àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọ fóònù mi, ẹ sì ń yọ owó ìfowóránṣẹ́ nígbà tí mo bá fi owó ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé àdéhùn, n kò sì janpata lórí wọn rí. Owó ìtọ́jú àkáǹtì nìkan ni ẹ̀sùn mi dá lé.

Ìwé àdéhùn náà wà lọ́wọ́ mi, èyí tí òṣìṣẹ́ yín lu òǹtẹ̀ ní ọjọ́ tí mo ṣí àkáǹtì. Abala 6, ìpín kejì, sọ báyìí pé:

“Báńkì kò ní gba owó ìtọ́jú àkáǹtì lórí àkáǹtì ìfowópamọ́. Owó tí báńkì lè yọ nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ kò kọjá owó káàdì, owó àtẹ̀jíṣẹ́, owó ìfowóránṣẹ́ àti owó orí tí òfin bá là sílẹ̀.”

N kò rí ibi tí èèyàn lè gbà yí ọ̀rọ̀ yẹn sí òdì kejì. Kò sọ pé “àyàfi bí owó inú rẹ̀ bá kéré,” kò sì sọ pé “àyàfi bí oníbàárà bá ń ná owó rẹ̀ lemọ́lemọ́.” Ó ní báńkì kò ní gbà á, ó tán. Ìpín karùn-ún abala kan náà tún sọ pé bí báńkì bá fẹ́ dá owó tuntun kan sílẹ̀, kí ó kọ̀wé sí oníbàárà ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Kò sí lẹ́tà kankan tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ inú fóònù mi wò láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 wá, mo yẹ ímeèlì mi wò pẹ̀lú, kò sí ìkéde kankan níbẹ̀ nípa owó ìtọ́jú. Ìgbà tí owó ti kúrò tán ni mo tó ń gbọ́.

Mo wá sí ẹ̀ka yín ní oṣù Kẹrin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Arákùnrin tó dá mi lóhùn níbi káńtà hùwà ọmọlúàbí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí àkáǹtì mi lórí ẹ̀rọ, ó wò ó títí, ó ní, “Mà, kò yẹ kí wọ́n yọ eléyìí lára sefínsì.” Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, ₦376.25 ti oṣù Kẹta padà wọlé, `RVSL ACCT MAINT FEE` ni wọ́n kọ sí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kan náà, ẹ tún yọ ọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí ibí yìí dáadáa. Báńkì kì í ṣàdédé dá owó padà. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ti oṣù Kẹta kò tọ́, kí ló mú kí ti oṣù Kẹrin tọ́? Kí ló mú kí ti oṣù Kìíní àti Kejì tọ́, tí ẹ kò fi dá àwọn náà padà? Àkáǹtì kan náà ni, àdéhùn kan náà ni, owó kan náà ni.

Nígbà tí mo padà wá, èsì tí mo gbà yàtọ̀. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ ló ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹ̀ka lè ṣe sí i. Ẹ̀rọ kọ́ ni mo bá fọwọ́ sí ìwé, báńkì ni. Ẹni tó bá sì ni ẹ̀rọ ló mọ bí yóò ṣe tún un ṣe. Ẹlòmíràn ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé àkáǹtì mi kúrò ní ìfowópamọ́ bọ́ sí irú àkáǹtì mìíràn nígbà tí ẹ ń ṣe àtúntò ní ìparí ọdún 2024. Èyí gan-an ló ká mi lára jù, nítorí pé bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti kúrò ní ti ₦376. Abala 3 sọ pé báńkì kò gbọdọ̀ yí irú àkáǹtì padà láìjẹ́ pé oníbàárà buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. N kò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kankan, ẹnikẹ́ni kò sì fi fọ́ọ̀mù kankan lọ̀ mí. Orí sítétímẹ́ńtì tí ẹ tẹ̀ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì ń kà pé `SAVINGS`, ẹ sì ń san èlé ìfowópamọ́ fún mi lóṣooṣù. Kò lè jẹ́ ìfowópamọ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ sítétímẹ́ńtì, kó wá di nǹkan mìíràn nígbà tí ẹ bá ń yọ owó.

Yàtọ̀ sí àdéhùn àwa méjèèjì, ìlànà wà. Nínú ìlànà Báńkì Àpapọ̀ lórí iye tí báńkì lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020, àkáǹtì kọ́rẹ́ńtì ni owó ìtọ́jú wà fún. Níbẹ̀ pàápàá, náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún ni, lórí owó tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá san jáde. Ìlànà náà sọ ọ́ ní gbangba pé kò kan àkáǹtì ìfowópamọ́. Ẹ tún wò ó: iye kan náà ni ẹ ń yọ lóṣooṣù, ìbáà ṣe pé mo fi owó ránṣẹ́ tàbí n kò fi ránṣẹ́. Ní oṣù Keje, n kò san kọ́bọ̀ jáde nínú àkáǹtì yẹn, síbẹ̀ ₦376.25 lọ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ kọ́rẹ́ńtì ni mo ní, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ó kọ́ nìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé owó náà kéré. Aṣọ ni mo ń rán jẹun, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń kó owó jọ síbẹ̀ fún ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Èlé tí ẹ san fún mi ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ owó orí rẹ̀, jẹ́ ₦561.70. Ní oṣù yẹn kan náà, ẹ gba ₦376.25 padà. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ bá pín èlé mi sí, owó ìtọ́jú yìí lé díẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Kò kéré lójú ẹni tó ń tọ́jú owó. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló sì ní irú àkáǹtì yìí tí wọn kì í ka sítétímẹ́ńtì. Mo rọ̀ yín kí ẹ yẹ tiwọn wò pẹ̀lú.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ san ₦3,386.25 sínú àkáǹtì mi. Abala 11, ìpín kejì, sọ pé owó tí báńkì bá ṣèṣì yọ “yóò padà sí àkáǹtì oníbàárà pẹ̀lú èlé ní iye tí àkáǹtì náà ń mú wá, láti ọjọ́ tí a yọ ọ́ títí di ọjọ́ tí a dá a padà.” Kí ẹ ṣírò èlé náà láti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo kọ sókè yìí, kí ẹ sì fi ìṣirò náà hàn mí. Owó kan ṣoṣo tí ẹ dá padà ní oṣù Kẹrin náà ní èlé tirẹ̀ láti 31 oṣù Kẹta sí 15 oṣù Kẹrin, ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ ti yọ owó ìtọ́jú kúrò lórí àkáǹtì mi, kí ti oṣù Kẹwàá má baà tún lọ ní ìparí oṣù. Kí ìwé yẹn sọ irú àkáǹtì tí mo ní lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá ti yí i padà, kí ẹ fi fọ́ọ̀mù tí mo buwọ́ lù hàn mí, tàbí kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà. Mo tún fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Kẹfà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn ní ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo mú un wá, mo sì fẹ́ kí ẹ lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì yanjú, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ ni n ó gbé e lọ, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó wà níbí. Mo fẹ́ kó parí lọ́dọ̀ yín. N kò fẹ́ kúrò ní báńkì yìí.

Mo so sítétímẹ́ńtì láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 mọ́ lẹ́tà yìí. Mo fi bírò pupa yí owó kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ̀dà abala 3, 6 àti 11 nínú ìwé àdéhùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ojú ewé tó fi owó tí ẹ dá padà ní oṣù Kẹrin hàn. Nọ́ńbà fóònù mi tó wà lórí àkáǹtì kò yí padà, ṣùgbọ́n èsì tí a kọ sílẹ̀ ni mo fẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àṣàkẹ́ Adéoyè