Máfọ́ọ

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni nígbà tí ìyá arúgbó kan yọ sí àgbàlá wa ní Òkèlele. Ìborùn funfun ni wọ́n fi bo orí, eruku ti bo ẹsẹ̀ wọn dé ọrùn-ẹsẹ̀, wọ́n sì há àpò kékeré kan mọ́ abíyá. Mo kúnlẹ̀. Kàmọ́rù àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó sì sáré lọ bu omi wá. Wọ́n mu omi náà gbẹ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi pe Sàlámátù. Sàlámátù Àṣàkẹ́ Dúrósinmí."

Èmi àti Kàmọ́rù wo ara wa. Mo ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo tún ní kí wọ́n wò ó ní agboolé kejì, bóyá ibẹ̀ ni. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn ìkòkò tútù tí a tò sábẹ́ ìbòòji.

"Ó ti pẹ́ jù," ni wọ́n wí, bí ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀. "Ó lè ti kú."

Wọ́n ṣàdúrà fún wa kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní bí a bá ń wá ẹni wa, a ó rí i. Mo ṣe àmín, n kò sì mọ ohun tí mo ń ṣe àmín sí.

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá wa ni àwa mẹ́ta ń gbé, Ìyá Máfọ́ọ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà tó ń wá ra orù àti ìkòkò ń pè wọ́n. Ìyá lásán ni bàbá wa ń pè ní tirẹ̀. A sì rò pé a mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Iṣẹ́ ìkòkò ni Ìyá ń ṣe, bí i ti àwọn obìnrin Ẹbu Dàda. Wọ́n á dojú ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, wọ́n á máa lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi tẹ́ dáadáa. Bó bá gbẹ díẹ̀, wọ́n á ṣí i kúrò, wọ́n á fi amọ̀ mọ èyí tó kù lé e lórí, wọ́n á wá yí ṣúkù àgbàdo lára rẹ̀ kí ó fi ọnà sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù dé tòsí, ohùn wọn ni ẹ ó gbọ́: "Má fọ́ ọ!" Kí ni èèyàn tún ń wádìí lẹ́yìn ìyẹn?

Ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò ni Ìyá wà nígbà tí àlejò yẹn wá. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Òórùn èéfín wà lára ìró wọn, omi èèpo èso igi irú, tí wọ́n fi ń wọ́n ìkòkò nígbà tó bá ṣì pọ́n fún iná, sì ti pa ìka wọn láró. Kàmọ́rù ló sọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ eré, pé ìyá kan wá ń wá ẹni tí kò sí.

"Orúkọ wo ni wọ́n dá?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orókún.

"Tún un sọ."

"Sàlámátù Àṣàkẹ́ Dúrósinmí."

"Èmi nìyẹn," ni Ìyá wí. "Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?"

Wọn ò tilẹ̀ pààrọ̀ ìró. A wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di Gáréèjì Ọ̀fà. Mò ń sunkún, Ìyá sì di ọwọ́ mi mú. Wọn ò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Inú kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ fún wa. Ọ̀fà ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ mẹ́rin ló kú ṣáájú wọn lọ́wọ́ ìyá wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ wọ́n ní Dúrósinmí. Rélùwéè ló gbé wọn wá sí Ìlọrin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Wọn ò mọ iṣẹ́ amọ̀ rí, ìyá ọkọ ló kọ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti fọ́ ìkòkò mẹ́ta.

"Bí mo bá ti fọwọ́ kan ìkòkò, ìyá ọkọ mi á ké pé, 'Má fọ́ ọ!' Àwọn ọmọdé ilé gbọ́ ọ, wọ́n fi sọ mí. Èmi ni wọ́n ń pariwo mọ́, kì í ṣe èmi ni mo ń pariwo."

Kàmọ́rù bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ orúkọ wọn fún wa láti ọjọ́ yìí.

"Ta ni n óò sọ fún wí pé kó máa pè mí ní Àṣàkẹ́? Ṣé ìwọ? Ẹni tó jù mí lọ ló lè pe oríkì mi. Bàbá mi pè é, ó lọ. Ìyá mi pè é, ó lọ. Ìyá ọkọ mi náà, nígbẹ̀yìn, pè é. Kò kù sẹ́ni kankan nílé yẹn tó lè pè mí."

Ọkọ̀ Ọ̀fà ti kún, èrò kan ṣoṣo ló kù. Àlejò wa wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá lọ dúró níta níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dá èkejì mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi Rábí."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Máf..." Ìyá dákẹ́. Wọ́n gbé itọ́ mì. "Àṣàkẹ́ ni."

Ìyá yẹn fi ọwọ́ kan gíláàsì fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Kánò ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ darí wálé ni. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń ta àwọn èrò lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀. Ohùn wọn nìkan ni mo gbọ́.

"Àṣàkẹ́! Ọmọ Ọlálọmí! Ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Àṣàkẹ́ mi, ìwọ lo darúgbó báyìí?"

Ìyá Máfọ́ọ, tí gbogbo Òkèlele ń kúnlẹ̀ kí, kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí epo ọkọ̀ tó dà sílẹ̀. Orókún wọn ti ń ro wọ́n láti ìgbà òjò tó kọjá. A fẹ́ gbé wọn dìde, wọ́n gbá ọwọ́ wa dànù.

Ìyá Rábí kò bá ọkọ̀ yẹn lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò nílé wa. Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Ọ̀fà, gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Ìyá máa ń ní kí n bá àwọn pè wọ́n lórí fóònù, kí n sì ṣe é kó dún síta, kí gbogbo ilé gbọ́.

"Àṣàkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo jẹ?"

Ìyá á sì máa ro ó fún wọn, láti orí ọbẹ̀ títí dé orí ẹran.