Àkọsílẹ̀ Àròjinlẹ̀ Lẹ́yìn Ẹ̀kọ́: Ìṣirò, Pírámárì 5

Ibi: Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ àti àkókò: Ọjọ́rú, ìṣẹ́jú 40
Kókó: Àròpọ̀ ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn kò bára mu
Ẹni tó jókòó wò mí: olùkọ́ kíláàsì

Mo kọ ọ́ sínú ètò ẹ̀kọ́ mi pé kí aago tó lù, àwọn ọmọ á ti lè ro 1/2 àti 1/3 pọ̀. Nígbà tí mo gba ìwé wọn jọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbà á. Àwọn yòókù kọ 2/5 gàdàgbà, wọ́n sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Wọn ò pariwo o. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo pátákó. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe kọ́ wọn: ẹ wá ẹ́ẹ̀lì-síì-ẹ́ẹ̀mù, ẹ fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pín in, ẹ fi tòkè sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bi wọ́n pé, “Ó yé yín àbí kò yé yín?” Wọ́n á sì dáhùn pa pọ̀ pé, “Ó yé wa, Àǹtí!” Láti nọ́sìrì ni ìdáhùn yẹn ti wà lẹ́nu wọn. Bí mo bá kọ ìṣirò àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì síwájú wọn, ohun tí wọ́n máa sọ náà nìyẹn. Òun ni mo sì fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti tẹ̀ síwájú.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo ti rí nǹkan kọ́. Olùkọ́ kíláàsì pe ọmọkùnrin kan tó kọ 2/5, wọ́n ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé bó ṣe ṣe é. Ó ní, “Ọ̀kan àti ọ̀kan jẹ́ méjì, mà. Méjì àti mẹ́ta jẹ́ márùn-ún.” Kò sí àìfarabalẹ̀ níbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà mẹ́rin ló rí lórí pátákó, kò rí ìdajì kankan. Bẹ́ẹ̀ tí a bá dé ìsọdipúpọ̀ ìdá, ọ̀nà tirẹ̀ yẹn gan-an ló máa ṣiṣẹ́, òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní láti rántí èyí nígbà náà, torí wàhálà míì ń bọ̀ níbẹ̀.

Olùkọ́ kíláàsì wá bi í pé, “Tí ìdajì búrẹ́dì bá wà lọ́wọ́ ẹ, tí mo tún fi díẹ̀ kún un, ṣé ó máa dín ni?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Rárá, mà.” “Ó dáa, 2/5 yìí ńkọ́, ṣé ó tó ìdajì?” Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ kan, ó wo méjì, ó wo márùn-ún, ó sì dákẹ́. Ìbéèrè yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní gbogbo àkókò tí mo fi dúró síwájú wọn, mi ò béèrè ohunkóhun nípa bí ìdá kan ṣe tóbi tó. Àwòrán tí mo tún yà kò ràn wá lọ́wọ́: òbìrípo kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdámẹ́ta inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Ní ti èdè, a ti kà á pé láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí wọ́n fi parí pírámárì. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ìlú yìí kan náà. Àmọ́ mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru èdè. Ká ní mo fi Yorùbá ka ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn fún wọn láìsọ ìdí, 2/5 náà ni wọn ì bá kọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gba ọ̀já pépà méjì tí gígùn wọn dọ́gba. Wọ́n á ká ọ̀kan sí méjì, wọ́n á ká ìkejì sí mẹ́ta, wọ́n á wá sọ bóyá ìdajì àti ìdámẹ́ta pọ̀ tó odindi, kí ẹnikẹ́ni tó ṣírò. Lẹ́yìn náà la ó pín ọ̀já méjèèjì sí mẹ́fà: ìdajì gba mẹ́ta, ìdámẹ́ta gba méjì, ó di 5/6. Ìgbà yẹn ni ẹ́ẹ̀lì-síì-ẹ́ẹ̀mù tó máa wọlé. Mo dán kíká rẹ̀ wò nílé. Kíká sí mẹ́ta kì í dọ́gba bọ̀rọ̀, nítorí náà màá ti fi pẹ́ńsù sàmì sí i sílẹ̀ fún wọn.

Mo ti ní kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún wọn. Oríṣi ìṣirò kan náà ni gbogbo rẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa kọ irú ìdáhùn yẹn lọ bẹẹrẹ. Mi ò sì ní fa igi pupa sínú ìwé wọn. Ẹ̀gbẹ́ 2/5 kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ọ́ sí pé: “Ṣé èyí tó ìdajì?”