Ìwé Ìbéèrè fún Àyè Ìkọ́ṣẹ́ ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé

Ilé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí,
Elẹ́yẹlé,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 10, oṣù Òkúdu, 2025.

Sí Mètírọ́ọ̀nù,
Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé,
Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀,
Ọ̀yọ́.

Mà,

ẸBẸ̀ FÚN ÀYÈ ÌKỌ́ṢẸ́ NÍ WỌ́Ọ̀DÙ YÍN LÓṢÙ AGẸMỌ

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sì kú ọ̀rìnrìn òjò yìí. Orúkọ mi ni Oyèníkẹ̀ẹ́ Ajíbádé, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Elẹ́yẹlé. Mo fi ìwé yìí bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí sí wọ́ọ̀dù yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a ó fi wà ní ìsinmi, láti ọjọ́ Mọ́ńdè, 7 oṣù Agẹmọ, títí di Fúráìdè, 1 oṣù Ògún. N kò béèrè owó. Ìbáà jẹ́ dúútì àárọ̀, ti ọ̀sán tàbí ti òru, èyí tí ẹ bá fi mí sí ni màá ṣe.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ní yàrá ìgbẹ̀bí, àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sì ti buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ mi. Ti àwọn ọmọdé nìkan ló kù. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo lò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá kí wọ́n tó ti wọ́ọ̀dù náà pa nítorí àtúnṣe òrùlé, wọ́n sì pín wa káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà. Nínú ọjọ́ márùn-ún yẹn, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé oúnjẹ, mo wọn ọmọ mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n. Ojú ewé àwọn ọmọdé nínú ìwé iṣẹ́ mi ṣì funfun báláú.

Àmọ́ kì í ṣe tìtorí ojú ewé yẹn nìkan ni mo fi ń kọ̀wé sí yín, mà. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Èrèlè ọdún yìí tí n kò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn.

Wọ́n rán wa lọ sí ibùdó ìlera kékeré kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ wá, ó ní ó ń húkọ́, kò sì mu ọmú bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n ka mímí rẹ̀. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ńṣì, mo ń kánjú. Mo wo aago fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, mo ka mẹ́sàn-án, mo fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, mo sì kọ 36 sínú káàdì. Bí a ti ń ka ti bàbá tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin gan-an ni mo ṣe kà á. Nọ́ọ̀sì àgbà tó jókòó sídìí tábìlì wo káàdì, ó wo ọmọ, kò bá mi wí. Ó ní kí ìyá gbé ọmọ náà mọ́ àyà títí tí yóò fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ká ẹ̀wù ọmọ sókè dé ọmú, ó pè mí mọ́ra, ó ní kí àwa méjèèjì jọ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọmọ náà. Á mí léraléra bí ẹni sáré, á dá dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fa èémí sínú ni ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé. A ka 54. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó wà láàárín oṣù méjì sí oṣù mẹ́jìlá, tí mímí rẹ̀ bá ti tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, mímí ọ̀hún ti yá jù. Mo ti kọ ìyẹn nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọ́n kọ ìwé fún ìyá rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà nítorí òtútù àyà. Tó bá jẹ́ káàdì tí mo kọ ni wọ́n gbára lé, oògùn ikọ́ ni ìyá ì bá gbà lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún mi nígbà tí èrò tán pé àgbàlagbà á sọ fún ọ pé àyà ń dun òun, ọmọdé kò ní sọ, ara rẹ̀ ni kí o máa wò. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń wá ni ibi tí màá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ara ọmọdé, lọ́dọ̀ ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. N kò lè kọ́ ọ nínú ìwé.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí n kò mọ̀ fún yín, kí ẹ má bàa rò pé ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ń bọ̀. Mo lè yẹ ìgbóná ara wò, mo lè wọn ọmọ, mo lè fi tépù wọn apá ọmọ, mo sì mọ̀ pé ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ebi ti wọ̀ ọ́ lára gidi. Mo lè po omi iyọ̀ inú sáṣẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kí n sì kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe máa fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú síǹkì tí kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, bí ìgbẹ́ náà tilẹ̀ ti dá. Mo lè ṣírò dírípù: ọmọ tó wọn kílò 10, tí dókítà kọ mílílítà 1000 fún ní wákàtí 24, nǹkan bíi mílílítà 42 ni yóò máa gbà ní wákàtí kan, tó bá sì jẹ́ sólúsẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kán rẹ̀ 60 ń jẹ́ mílílítà kan, ẹ̀kán 42 náà ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n orí pátákó ni mo ti ń ṣe ìṣirò yìí, mà. N kò tíì dúró ti ọmọ tó ń fa ọwọ́, tó ń ké, tí omi náà yóò yára lójijì bó bá na apá tàbí kí ó dá bó bá ká a kò.

N kò tíì fi abẹ́rẹ́ wá iṣan ọmọdé rí, n kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n bá yín di ọwọ́ ọmọ mú, kí n di tọ́ọ̀ṣì mú, kí n máa wo ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹ̀jẹ̀ gbígbà: mo mọ̀ pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ ìwé àti àpò ẹ̀jẹ̀ wò, mo sì fẹ́ jókòó ti ọmọ náà kí n máa yẹ ara rẹ̀ wò bó ṣe ń wọ̀ ọ́. Àsìkò òjò rèé, ibà ń gbé ọmọ wá, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ yín yóò kún. Ìwọ̀nba ohun tí mo lè ṣe láìsí ewu, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni kí ẹ máa rán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi kí n sọ ọ̀kan sí i. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Àbúrò mi ọkùnrin kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí gìrì mú un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èmi, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo dúró sí. Wọ́n fi ṣíbí la eyín rẹ̀, wọ́n da àgbo sí i lẹ́nu, ará ilé wa kan sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè iná ààrò kí ó lè jí. Àbúrò mi kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àpá iná náà ṣì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i bó bá bọ́ bàtà. Ẹni tó ṣe é fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ṣe.

Mo mọ ohun tó yẹ báyìí: kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí wọ́n tú aṣọ rẹ̀, kí wọ́n sì sáré gbé e wá. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá àgbà tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àgbo lẹ́nu ọmọ, tí ẹ̀rù sì ń bà á, tí kò fi ní ṣe é bí ìbáwí, tí kò sì ní tìtorí ìtìjú gbé èyí tó kàn pamọ́ sílé. Mo ti gbọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn mìíràn fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, tí ìyá náà sì jókòó, tó ń gbọ́. Ẹ̀kọ́ ti àwọn ẹni ìkejì yìí ni mo ń wá.

Nípa ibùgbé, ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni màá dé sí, ẹsẹ̀ ni mo sì lè fi rìn wá, nítorí náà dúútì òru kò ní ni mí lára. Mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi Bíì, ó pé mẹ́ta. Yúnífọ́ọ̀mù mi méjì ló wà, bàtà mi kì í dún. Fóònù mi yóò wà nínú àpò títí dúútì yóò fi parí, n kò sì ní ya fọ́tò ọmọ kankan tàbí sọ orúkọ rẹ̀ níta. Ìwé tí olórí ẹ̀ka wa kọ wà nínú àpò ìwé yìí, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ mi, kí ẹ lè rí ibi tó ṣófo fúnra yín. Nọ́ńbà mi wà lẹ́yìn àpò náà.

Bí oṣù Agẹmọ bá ti kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, màá gba ọ̀sẹ̀ méjì, màá gba òru nìkan, màá sì gba Sátidé àti Sọ́ńdè. Mo ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, màá wá kí yín ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ Tọ́sìdeè, ọjọ́ 19 oṣù yìí, lẹ́yìn tí àwọn dókítà bá ti yípo tán. Bí ọwọ́ yín bá dí, màá dúró níta.

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oyèníkẹ̀ẹ́ Ajíbádé
Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ọdún kẹta