Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn Ètò ní Ọjọ́ Àṣà, Gbọ̀ngàn Odùduwà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ káàbọ̀ o!

(Dúró kí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀.)

Àwọn onílù bàtá ló ń bọ̀. Ẹ wo ìyáàlù yẹn dáadáa: ojú méjì ló ní. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojúòjò, èyí tó tóbi. Bílálà aláwọ ni wọ́n fi ń na ṣáṣá, èyí tó kéré. Akólòlò ni bàtá, kì í sọ̀rọ̀ já gaara bíi dùndún. Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ!

(Ẹlẹ́rọ, fa maikirofóònù sẹ́yìn, kó má baà pariwo.)

Ẹkún ìyàwó ló tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ lé wọn lóhùn.

Onílù, ó yá!