Oúnjẹ Màmá fún ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ní sí nílé

Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́, o kú àdúrótì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi rẹ lo fi sílẹ̀ kí n lè lọ wẹ ọmọ l'Ákùúrẹ́. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwọ náà rẹ́ni dúró tì ọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ Màmá sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí o má baà máa pè mí ní gbogbo ìgbà. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ti ọjọ́ méje ni mo kọ. Tí ọ̀sẹ̀ kìíní bá parí, padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu Màmá, iwájú nísàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Kò sí ẹyọ kan lókè. Eyín tí wọ́n bá wọn ṣe lọ́jọ́sí ti ń yẹ̀ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti rù, ó sì ń ha ẹran ìdí eyín wọn, torí náà má fi dandan lé e pé kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ahọ́n àti àjà ẹnu ni wọ́n fi ń jẹun. Ohun tí o bá lè fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ tí yóò fọ́ pátápátá ni kí o gbé síwájú wọn. Èyí tó bá ń yọ̀ tàbí tó le lábẹ́ ṣíbí, padà gbé e ka iná.

Má lọ gbogbo nǹkan pọ̀ nínú bílẹ́ńdà o. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí eyín wọn kọ́kọ́ ń yọ. Mo lọ ìrẹsì, ẹran àti ọbẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ wá dà bí eérú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ti àwo náà sẹ́yìn, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Ṣé ọmọ ọwọ́ ni o wá sọ mí dà?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹ láti kékeré ni mo ń sè, mo kàn ń rí i pé ó rọ̀ ni. Bí ẹ̀fọ́ bá wà níbẹ̀, kí wọ́n rí i pé ẹ̀fọ́ ni. Kí wọ́n gbọ́ òórùn ìrú látinú yàrá.

Àwo kékeré aláwọ̀ ewé ni tiwọn. Má bù ú kún. Bí oúnjẹ bá pọ̀ lójú wọn, ojú ni wọn yóò fi yó. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ sàn ju àwo ńlá mẹ́ta lọ: aago méje ààbọ̀, aago mẹ́wàá, aago kan, aago mẹ́rin, aago méje alẹ́. Má sì bi wọ́n pé “Màmá, kí lẹ fẹ́ jẹ?” “Kò sí” ni wọn yóò sọ. Bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé àsáró ni tàbí mọ́ínmọ́ín?” Wọn yóò mú ọ̀kan. Kí o sì jókòó bá wọn jẹ ẹ́, wọn kì í fẹ́ dá jẹun láti ìgbà tí Bàbá ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ògì àárọ̀ nìyí, torí òun ni wọ́n ń mu ju ohun gbogbo lọ. Ògì bàbà ni wọ́n fẹ́. Ògì lásán ń kún inú ni, kò ní ohun tó ń mú iṣan dúró tó, bẹ́ẹ̀ iṣan ni Màmá ń pàdánù báyìí. Po ògì ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú omi tútù díẹ̀, da omi tó ń hó lé e, gbé e padà sórí iná tí kò pọ̀, kí o sì máa rò ó títí yóò fi ki. Fi mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí méjì àti ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná ṣíbí kan sí i. Ẹ̀pà náà wà nínú ìgò onídèérí pupa. Mo ti sẹ́ ẹ, kò ní wóró kankan. Lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, dípò ẹ̀pà, po ẹyin kan kí ó dà pọ̀ dáadáa, dà á sínú ògì nígbà tó ṣì ń hó, máa rò ó kíákíá kí ó má baà dì, kí ó sì tún hó fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹyin gbọ́dọ̀ jiná. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tẹ̀ lé ògì yìí. Má lọ oògùn náà lúlẹ̀ sínú oúnjẹ. Bí wọn kò bá lè gbé e mì, pè mí kí n béèrè lọ́wọ́ apòògùn.

Ọjọ́ Ajé. Ọ̀sán, àmàlà tó rọ̀, kò gbọdọ̀ ní kókó, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, bó èèpo rẹ̀ tán, sè é títí yóò fi yọ́, kí o fi ìjábẹ̀ rò ó. Yíyọ̀ ewédú ló ń bá wọn gbé àmàlà lọ. Òkèlè kékeré ni kí wọ́n máa bù, bí orí àtàǹpàkò. Alẹ́, ẹ̀kọ tútù tí o fi ọwọ́ fọ́ sínú ọbẹ̀ ẹja.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àsáró lọ́sàn-án. Iṣu tó funfun tó sì ń wú, má ra èyí tó ń le bí òkúta. Sè é pẹ̀lú ata díẹ̀, epo pupa, edé lílọ̀ àti ìrú pẹ̀tẹ̀. Bí o bá fọ́ ọ tán, fi omi ẹja là á kí ó má baà lẹ̀ mọ́ wọn lájà ẹnu. Gé ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i kí o tó sọ̀ ọ́. Alẹ́, ẹyin tí a po mọ́ tòmátì, dín in lórí iná kékeré kí ó má gbẹ, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pípọ́n tí a bọ̀, tí a sì fọ́.

Ọjọ́rú ni ti ìkókoré, ọjọ́ yìí ni ojú wọn máa ń là jù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Màmá, o mọ̀ ọ́n. Ewùrà ni kí o rà, iṣu kò lè ṣe é. Fi epo pa ọwọ́ kí o tó bó o torí ó ń yún ni. Rin ín, fi iyọ̀ kínún sí i. Ṣáájú kí o tó rin ín, ọbẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà lórí iná: ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé, ẹja gbígbẹ tí o ti yọ eegun rẹ̀ kúrò. Fi àbọ̀ ṣíbí máa bu ewùrà náà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kéékèèké. Má rò ó títí yóò fi dì, tí o bá tètè fọwọ́ kàn án gbogbo rẹ̀ ni yóò fọ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi orógùn yí i jẹ́jẹ́, kí o sì jẹ́ kí ó jiná dénú. Màmá yóò yọjú sí ilé ìdáná. Wọn yóò sọ fún ọ pé ata kò tó, wọn yóò sì sọ bí ìyá wọn ṣe ń sè é. Gbé àga fún wọn kí wọ́n jókòó, jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ fún wákàtí kan, ẹnu rẹ̀ á ti tu kí àwo tó dé. Bí ìyókù bá wà, òun náà ni alẹ́.

Ọjọ́bọ̀. Ìrẹsì tí omi rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi rọ̀ bí tùwó, ọbẹ̀ tòmátì, àti ẹja àrọ̀. Wá eegun ẹja náà pẹ̀lú ìka, má gbára lé ojú nìkan. Alẹ́, ànàmọ́ bíbọ̀ tí a fọ́ sínú mílíìkì gbígbóná.

Ọjọ́ Ẹtì, mọ́ínmọ́ín. Lọ ẹ̀wà náà kúnná, jẹ́ kí ó ṣàn ju bí a ṣe ń ṣe é fún àlejò lọ. Ẹyin tí o bá fẹ́ fi sí i, bọ̀ ọ́ kí o fọ́ ọ mọ́ ọn. Odidi ẹyin ń há wọn lọ́fun. Ewé ni kí o fi pọ́n ọn, wọ́n ní ti inú agolo ń rùn bí irin. Pọ́n tó alẹ́ náà, kí wọ́n fi mu ògì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀wà. Rẹ ẹ́ mọ́jú, gé àlùbọ́sà sí i, sè é títí yóò fi di ọ̀kan. Má fi káún sí i, bẹ́ẹ̀ ni sí ewédú. Ó ń mú nǹkan rọ̀ kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè wà nínú káún náà. Magí pẹ̀lú, díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní kò dùn, ìrú àti edé ni kí o fi kún un.

Ọjọ́ Ìsinmi, wọn yóò béèrè ẹran. Itan adìyẹ ni kí o sè, kí ó pẹ́ lórí iná títí ẹran yóò fi máa já kúrò lára eegun. Ya á wẹ́wẹ́ bí òwú, dà á pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ó ki, kí wọ́n fi iyán tó rọ̀ jẹ ẹ́. Ẹran gbígbẹ kò gbọdọ̀ wà nínú àwo wọn. Wọn yóò fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu títí di alẹ́.

Aago mẹ́wàá àti aago mẹ́rin: ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, píyà tí a fi ṣíbí fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí wàrà sóyà ife kan. Ìbẹ́pẹ ni kí ó wọ́pọ̀ jù, torí ìgbẹ́ wọn máa ń le. Búrẹ́dì, rẹ ẹ́ sínú tíì oní-mílíìkì. Búrẹ́dì gbígbẹ ń pa wọ́n ní ikọ́. Ẹ̀pà odidi, gúgúrú àti pọ́fù-pọ́fù tó gan, má jẹ́ kí àwọn ọmọ fún wọn.

Omi: àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Má dúró kí wọ́n béèrè. Kún ife kékeré sí ẹ̀gbẹ́ wọn ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n má fún wọn ní omi púpọ̀ kí wọ́n tó jẹun, yóò kún wọn nínú.

Kí wọ́n jókòó ṣánṣán lórí àga nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣíbí tíì ni kí o lò. Rí i pé wọ́n ti gbé ti ìṣáájú mì. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n fi omi ṣan ẹnu, kí o sì fi aṣọ funfun tútù nu ẹran ìdí eyín wọn. Nígbà tí ẹnu bá dọ̀tí, oúnjẹ kì í dùn mọ́.

Bí wọ́n bá ń wúkọ́ lórí oúnjẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ohùn wọn bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, bí ara wọn bá gbóná, tàbí tí wọn kò bá jẹ nǹkan kan láti àárọ̀ di alẹ́, má dúró dè mí. Gbé wọn lọ sí ọsibítù, kí o pè mí lọ́nà. Lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n gun òṣùwọ̀n kí wọ́n tó jẹun. Kìló 48 ni wọ́n wà báyìí. Kọ tuntun sí ẹ̀yìn ìwé yìí.

Ẹja àrọ̀ mẹ́ta wà nínú firísà, mo ti gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rá. Ewùrà wà lábẹ́ tábìlì. Owó ìbẹ́pẹ wà nínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo; ìyá oníbẹ́pẹ tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́sàn-án mọ èyí tó yẹ Màmá, sọ fún un pé èmi ló ní kí o rà á.