Ìdọ́gba gáàsì ìdáná tó o yà ránṣẹ́

Àbúrò mi, mo ti rí fọ́tò rẹ. Òjìji ọwọ́ rẹ bo igun kan ìwé náà, àmọ́ mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi rí i kà. Wọ́n ní ọ́ksíjìn pọ̀ tó, kó o wá mú kí iye kábọ̀nù, háídírójìn àti ọ́ksíjìn bára mu lápá òsì àti lápá ọ̀tún:

C₄H₁₀ + O₂ → CO₂ + H₂O

Bútéènì nìyẹn, ọ̀kan nínú gáàsì tó wà nínú sílíńdà tí a fi ń dáná. Ó ń jó nínú ọ́ksíjìn, ó ń di kábọ̀nù-dàọ́ksáìdì àti omi.

Kọ́kọ́ wo ohun tó o fi pẹ́ńsù kọ sísàlẹ̀. O sọ CO₂ di C₄O₂, o tún sọ H₂O di H₁₀O, kí iye wọn ṣáà lè bára mu. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ lẹ́tà, a kì í fọwọ́ kàn án, torí òun ló ń sọ irú nǹkan tó jẹ́. H₂O ni omi tí à ń mu. Fi 2 sẹ́sẹ̀ O, ó di H₂O₂, oògùn tí wọ́n fi ń fọ egbò nìyẹn, kì í ṣe omi mọ́. Iwájú nìkan la ti ń fi nọ́ńbà sí i.

Ó yá, kábọ̀nù ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ 4 lápá òsì, 1 lápá ọ̀tún. Fi 4 síwájú CO₂. Háídírójìn jẹ́ 10 lósì. H₂O kan ní 2, nítorí náà 5 ló máa wà níwájú rẹ̀.

Ọ́ksíjìn la fi sẹ́yìn, torí pé ó dá wà nínú O₂: iye yòówù tó o bá fún un, kò ní da ẹlòmíì rú. Kà á lọ́tùn-ún: 4CO₂ mú 8 wá, 5H₂O mú 5 wá, àpapọ̀ 13. Méjì-méjì sì ni O₂ ń rìn, torí náà 13 pín sí 2 jẹ́ 6½. Mo rò pé ibí ló ti sú ọ lánàá. Ìlàjì yẹn kì í ṣe àṣìṣe o! Kàn fi 2 sọ gbogbo nọ́ńbà iwájú di ìlọ́po, ti bútéènì náà kò gbẹ́yìn:

2C₄H₁₀ + 13O₂ → 8CO₂ + 10H₂O

Yẹ̀ ẹ́ wò. Kábọ̀nù 8 sí 8. Háídírójìn 20 sí 20. Ọ́ksíjìn 26 lósì. Lọ́tùn-ún, 16 àti 10, 26 náà ni. Má fi ìwé sílẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò yìí, kò gba ìṣẹ́jú kan.

O ti rí i tí iná sítóòfù pọ́n, tí ìdí ìkòkò dúdú? Ọ́ksíjìn ni kò tó. Kábọ̀nù kan kò rí ẹni so mọ́, ó di èéfín dúdú. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè rẹ fi sọ pé ọ́ksíjìn pọ̀ tó.

Ṣe ti C₂H₆ báyìí. Wàá tún pàdé ìlàjì níbẹ̀. Tó o bá ṣe tán, yà á ránṣẹ́ kí o tó sùn, kí o sì gbé ìwé sábẹ́ iná dáadáa.