Lẹ́tà sí Bàbá onílé: kí ni àgírímẹ́ǹtì wa sọ nípa kíkó jáde kí ọdún tó pé?

Yàrá àti pálọ̀ ìsàlẹ̀, ọwọ́ òsì,
Agbègbè Arówómọ́lẹ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́.
4 Oṣù Kẹjọ, 2025

Bàbá wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ kú òjò. Mo gbọ́ pé orúnkún yín ti ń rọlẹ̀. Ọlọ́run yóò wò ó jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò yẹ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Wọ́n ti gbé mi kúrò ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà níbí lọ sí Ṣakí, oṣù Kẹsàn-án sì ni wọ́n ń retí mi. Ẹ mọ̀ pé Ṣakí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ láàárọ̀ kó padà wá sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ṣeé ṣe kí n kó jáde ní ìparí oṣù náà. Mo ní ó ṣeé ṣe ni o. Lẹ́tà yìí kì í ṣe nótíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ilé han ẹnikẹ́ni.

₦180,000 ni mo san ní 1 Oṣù Kẹrin, 2025, fún ọdún tí yóò parí ní 31 Oṣù Kẹta, 2026. Rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá lọ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, oṣù mẹ́fà ló kù nílẹ̀, ìyẹn ₦90,000. Owó kọ́ṣọ̀n ₦20,000 tí mo san nígbà tí mo wọlé ní 2024 náà ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Mo béèrè lọ́wọ́ ejẹ́ntì, ó ní owó tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde. Màámà ní owó oṣù méjì péré lẹ máa ń yọ, ìyẹn ₦30,000, ẹ ó sì dá ìyókù padà. Ìyá tó ń gbé lókè ní kọ́ṣọ̀n nìkan ni ẹni tó kó jáde ṣáájú rẹ̀ pàdánù. Bàbá, ẹnu mẹ́ta, iye mẹ́ta. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni purọ́, àmọ́ kò sí èyí tí mo lè gbé ìṣirò mi lé.

Ìwé gan-an ni ìbá yanjú ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé kìíní nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí a bu ọwọ́ lù ú ní ṣọ́ọ̀bù ejẹ́ntì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fótókọ́pì rẹ̀ ni iná lọ, wọ́n ní kí n padà wá gba èyí tó kù. N kò padà lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Tọwọ́ mi sì parí sí nọ́ńbà 6, níbi tí wọ́n ti ní a kò gbọdọ̀ sin ewúrẹ́ nínú ọgbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kí ẹ sì bu ọwọ́ lù ú: ṣé àgírímẹ́ǹtì sọ pé ayálégbé tó bá kó jáde kí ọdún tó pé yóò san ìtanràn? Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà wo ló wà, èló ni, báwo ni ẹ sì ṣe ń ṣírò rẹ̀? Oṣù mélòó ló ní kí n fi tó yín létí ṣáájú? Ṣé kọ́ṣọ̀n wà nínú ìtanràn náà ni, àbí ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀? Bí ẹlòmíràn bá sì gba ilé náà kí oṣù Kẹta tó dé, ṣé ìwé sọ ohunkóhun nípa owó oṣù tí òun àti èmi jọ san? Bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí n rí fótókọ́pì ojú ewé tó kù.

Ohun tí ìwé sọ ni mo ń béèrè báyìí, kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi ojú àánú ṣe fún mi. Ìyẹn, tí mo bá nílò rẹ̀, màá wá kúnlẹ̀ fúnra mi. Ohun tí mo bá bu ọwọ́ lù, n kò ní sá fún un.

Tí mo bá lè rí èsì yín kí 18 Oṣù Kẹjọ tó kọjá, inú mi á dùn, torí onílé tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ṣakí kò ní fi yàrá dè mí ju ìgbà náà lọ. Ẹ̀dà méjì lẹ́tà yìí ni ọmọ mi mú wá. Ẹ bá mi bu ọwọ́ àti déètì lu ọ̀kan kó mú un padà.

Ẹ bá mi kí Màámà.

Èmi ni, ayálégbé yín,
Ìyá Ayọ̀